Owó Ilé-Ìwé Ẹni Tó Ń Bọ̀

Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára nínú ìwé kíkọ tó tèmi ní gbogbo etí òkun wa. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé mo mọ ìwé o, ìyẹn lọ́tọ̀. Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni mo kà dé kí ìjókòó tó sú mi, tí mo bá àbúrò bàbá mi lọ sí àgọ́ ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní gègé àti yíǹkì, kí ẹ wá wo ìlà tí màá fà. Kódà ọ̀gá ilé-ìwé, ará òkè tí kì í yin èèyàn, sọ ọ́ lójú mi pé, "Orí rẹ kò dúró síbì kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ dúró."

Ìdí tó fi ránṣẹ́ sí mi ní èṣí nìyẹn, nígbà tí òkun ń ru, tí kò sẹ́ni tó lè ti ọkọ̀ wọ inú ìgbì. Gbogbo wa ti kúrò ní àgọ́, a ti wálé wá jókòó. Ìyá mi ní tí mi ò bá ti ríṣẹ́ ṣe, kí n wá bá òun yí ẹja lórí iná. Èmi kẹ̀? Ọkùnrin tó ti rí ojú òkun, kí n wá máa yí ẹja? Bí ọmọ tí ọ̀gá rán ṣe ń gun afárá pákó wa bọ̀ báyìí, mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Ilé-ìwé ìjọ nilé-ìwé wa, owó la sì fi ń kà á. Táàmù mẹ́ta ló wà lọ́dún, owó kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ẹni tó wà ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ń san ṣílè mẹ́fà ní táàmù, ẹni tó wà ní Síìsì ń san ṣílè mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí ṣílè mẹ́wàá kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí a wà yìí? Bí ẹja bá ṣe wọlé lowó ń wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ayé ń san án: ṣílè méjì lónìí, tí edé bá pọ̀ ó di mẹ́ta, tí òkun bá bínú ó di òfo.

Torí ìyẹn ni ọ̀gá fi ní káàdì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lókè rẹ̀ ló máa ń kọ iye tí ọmọ náà yóò san ní táàmù. Nísàlẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n san, iye tí wọ́n san, nọ́ńbà rìsíìtì, àti iye tó ṣẹ́kù. Tí táàmù bá parí tí nǹkan ṣì kù, á gbé ìṣẹ́kù yẹn kọjá sínú táàmù tuntun, á fi kún owó tuntun. Nígbà tó bá wá fẹ́ mọ àwọn tó jẹ gbèsè, kò ní ronú kankan; á kàn yọ gbogbo káàdì tí ìṣẹ́kù rẹ̀ kì í ṣe òdo sọ́tọ̀, á tò wọ́n ní èbúté-èbúté, torí abúlé púpọ̀ ló ń rán ọmọ wá. Èmi ni mò ń sọ káàdì wọ̀nyẹn di ìwé ìránnilétí. Ẹ̀dà kan fún èbúté abúlé, ọ̀kan fún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún ọkọ̀ ọjà bàbá Mùsùlùmí kan tó ń tajà láti abúlé dé abúlé, torí àwọn ènìyàn rẹ̀ tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́mọ nílé-ìwé, ọ̀kan tí ọ̀gá máa tọ́jú.

Ohun tí a fi ń tẹ̀wé kì í ṣe ẹ̀rọ rárá. Àwo páànù pẹlẹbẹ kan ni, tí nǹkan dídì kan bí ẹ̀kọ tútù kún inú rẹ̀, tó ń dán, tó ń gbọ̀n. Ẹ̀kọ ọ̀gá la máa ń pè é. Màá fi yíǹkì aláwọ̀ àlùkò tó ki kọ orúkọ sórí bébà, màá da ojú bébà náà dé ẹ̀kọ, màá fọwọ́ pa á pẹ̀lẹ́, màá dúró díẹ̀, màá ṣí i. Yíǹkì ti wọnú ẹ̀kọ nìyẹn. Bébà funfun tí mo bá tẹ́ sí i lẹ́yìn náà ló máa gbé orúkọ jáde, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì, tí àwọ̀ á máa ṣá lọ. Wàhálà ẹ̀kọ yẹn kan ṣoṣo ni pé kì í tètè gbàgbé. Tó o bá fi kànrìnkàn fọ ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, yíǹkì ṣì wà níkùn rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kó tó rì pátápátá. Tó o bá kánjú tẹ òmíràn lé e, orúkọ ti tẹ́lẹ̀ á máa yọjú lẹ́yìn ti tuntun bí ẹja tó dúró lábẹ́ omi. Nítorí náà, abúlé kan lọ́jọ́ kan ni òfin ọ̀gá. Mo máa ń ní, "Mo gbọ́, sà." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé kí n dúró de ọjọ́ kejì ló nira fún mi jù láyé.

Abúlé tiwa ló kẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé ni. Ní Ọjọ́rú, láńṣì, ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ti ìjọ, ń bọ̀ wá kó orúkọ àwọn Sítáńdáàdì Síìsì tó máa ṣèdánwò àṣekágbá. Ẹni tó bá ṣì jẹ owó, orúkọ rẹ̀ kò ní bá láńṣì lọ. Òfin àwọn àgbà ìjọ nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀gá. Àbúrò mi obìnrin sì wà ní Síìsì. Òun nìkan lọmọbìnrin ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìyẹn fún un rí.

Ọ̀gá ń pe orúkọ láti orí káàdì, èmi ń kọ ọ́. Nígbà tó kan ilé wa, mo bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́.

"Sà, ẹ bá mi wo tèmi náà. Ṣé káàdì mi ṣì wà níbẹ̀, àbí ẹja ti gbé e mì?"

Ó wá a. "Ó wà. Ìṣẹ́kù, òdo."

"Òdo báwo?"

"O ti san gbogbo rẹ̀. Táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Mo pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí kò wá sílé-ìwé ló sanwó jù! Ẹ kọ orúkọ mi gàdàgbà-gadagba sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn tó ń jẹ gbèsè wá máa kí mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé káàdì tó tẹ̀lé e. "Àbúrò rẹ. Ṣílè méjìdínlógún."

Gègé mi dúró. Yíǹkì kán sí ẹ̀gbẹ́ bébà. "Sà, ìyá mi ti sanwó tirẹ̀ tán."

"Kọ ọ́. Káàdì ni mò ń kà, kì í ṣe ìyá rẹ."

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ tó dára jù ní gbogbo etí òkun ló kọ orúkọ àbúrò mi mọ́ àwọn ajẹgbèsè. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó èbúté, mo wálé, mo na gbalaja. Mo rò pé ó máa di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó rí i. Iyán kan ò tíì tutù tí àbúrò mi ti dúró lé mi lórí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́."

"Mo mọ ọwọ́ yín. Ẹ tún fi ìrù sí i nídìí, kó lè dùn ún wò."

Ìyá mi ń yí ẹja lórí pẹpẹ. Kò tilẹ̀ bínú. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó gbé agolo mílíìkì tó ń kó rìsíìtì sí jáde. "Ṣílè ọgbọ̀n ni mo san lọ́dún yìí," ó ní. "Ọ̀kan kò dín. Ìwọ akọ̀wé, kà á." Mo kà á. Ṣílè méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́rin, títí ó fi pé ọgbọ̀n géérégé. Ọgbọ̀n náà sì ni owó Síìsì fún odidi ọdún. Kò sí ìjà nínú ìṣirò yẹn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọkọ̀, a lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," ìyá mi kí i láti orí omi. "Wọ́n ní mo jẹ yín lówó."

Ọ̀gá jẹ́ kó jókòó. Ó to rìsíìtì sórí tábìlì, ó gbé káàdì méjì sí ẹ̀gbẹ́ wọn, tèmi àti ti àbúrò mi. Gbogbo iye tó wà lórí rìsíìtì ló wà lórí káàdì. Ọ̀kan kò sọnù.

"Màmá, ta ló ń bá yín mú owó wá?"

"Bàbá ọlọ́kọ̀ ọjà. Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo ìgbà tó bá dé, á ní, owó àwọn ọmọ ìyá ẹlẹ́ja rèé. Tí n bá bi í pé ọmọ wo, á ní òun kò mọ̀, àwọn ọmọ ni wọ́n wí. Nítorí náà mo ṣe é bí mo ti bá a níbí. Mo kọ́kọ́ san ti ẹ̀gbọ́n títí tirẹ̀ fi pé, kí n tó bọ́ sí ti àbúrò. Ṣílè méjìdínlógún bọ́ sọ́rùn ẹ̀gbọ́n. Méjìlá péré ló kù fún àbúrò."

Ìyá mi mi orí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é. A kì í fo ẹ̀gbọ́n ká fún àbúrò." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá là. Ó fẹnu júwe mi. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá, eléyìí kò sí nílé-ìwé!"

"Mo mọ̀ pé kò wá. Ṣùgbọ́n tí n bá ń yọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò wá nígbà ẹja, bẹ́ǹṣì ni màá máa kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, ọmọkùnrin yín tó wà ní àgọ́, ṣé yóò padà wá? Kí lẹ dá mi lóhùn?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. Kó tó lanu ni mo ti mọ ohun tó wí.

"Mo ní ó ń bọ̀."

Ará òkè kò lè mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wà lórí omi, ó ń bọ̀ ni. Kò sí ìdáhùn mìíràn. Ó lè ti lọ láti ọdún mẹ́ta, ó lè ti fẹ́yàwó sí ibòmíràn, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀, ó ń bọ̀. Ẹnu kì í sọ òdìkejì rẹ̀. Bàbá mi gan-an, wọ́n ti gbé àwọ̀n rẹ̀ wálé láìsí òun, ìyá mi ṣì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ó ń bọ̀. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nígbà yẹn. Mi ò tíì ga dé èjìká rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá bi í léèrè nípa èmi àti ilé-ìwé, òkun ni ìyá mi gbọ́.

"Màmá, owó yín kò sọnù," ọ̀gá ní. "Ó wà nínú àpótí, ó pé. Ojú káàdì ló ti ṣìnà. Tí n bá kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé ọmọ yìí ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, owó táàmù mẹ́ta tí mo kọ sí i lọ́rùn á kúrò. Ṣílè méjìdínlógún tó wà níbẹ̀ á di owó àsanlé. Màá yọ ọ́ kúrò lórí káàdì tirẹ̀, màá kọ ọ́ wọ ti àbúrò rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ka sí i. Ó parí. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá a kọ. Ẹ sọ fún mi pé kò ní padà wá mọ́."

"N ò lè sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, màmá."

"Fún ẹ̀yin. Lọ́la òkun á rọ̀, ọmọ mi á wọnú ọkọ̀. Ṣé ẹnu mi ni kó ti kọ́kọ́ jáde?" Ó dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ yá ṣílè méjìdínlógún wá."

"Lọ́wọ́ ta ni, ní àkókò yìí?"

Gbogbo abúlé ló wà nílé, tí àwọ̀n gbẹ lórí igi. Àbúrò mi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Màá dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú ìyẹn. Àwọn kan ti ń wá kí ìyá mi nítorí rẹ̀, wọ́n ń gbé ẹja ńlá wá láìsí ìdí. Ọmọbìnrin tó bá dúró de ọdún tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilé ọkọ ni ọdún tó ń bọ̀ máa bá a.

Ẹ máa rò pé mo fò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí bí mo ti ń ṣe nìyẹn. Mi ò fò. Mo ń wo káàdì mi. Òdo yẹn dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Ní àgọ́, nígbà tí òjò bá lé wa wọnú àtíbàbà, mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ kan màá ṣáà wọlé wẹ́rẹ́, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, gbogbo wọn á ya ẹnu. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo ti fọ́nnu fún gbogbo wọn pé ilé-ìwé kò tó mi. Ó wá jẹ́ pé ìjókòó náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹnì kan ti sanwó rẹ̀, kò sì mọ̀.

"Sà," mo ní, "ṣé òbí nìkan ló lè sọ ọ́? Tàbí ẹni tó lọ lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

Ọ̀gá wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ìwọ? Ọmọdé ni ọ́."

"Ọmọdé tí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀!" Mo fa rìsíìtì owó orí mi yọ nínú àpò. Mo máa ń mú un kiri nígbà yẹn, kí n lè fi han àwọn ọmọbìnrin. "Ìjọba ní àgbà ni mí. Ṣé ìjọ á ní bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Èyí ni ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i kó fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó tó," ó ní.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀," mo bẹ ìyá mi.

Ó yé ìyá mi. Ó jáde lọ síbi ọkọ̀ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àjẹ̀ tí kò dọ̀tí, ó ń da omi gbàà, gbàà, kí etí rẹ̀ má bàa gbọ́. Mo dúró kí omi náà pariwo dáadáa. Mo wá sọ ọ́.

"Mi ò ní padà wá sílé-ìwé mọ́, sà."

Mo rò pé ohùn mi máa jáde ńlá. Kò jáde ńlá.

Ọ̀gá ṣí ìwé ńlá tí orúkọ gbogbo ọmọ tó wọlé-ìwé wà nínú rẹ̀. Ó wá orúkọ mi, ó fìka tọ ìlà náà dé ìparí, síbi tí wọ́n ń kọ ìdí tí ọmọ fi kúrò sí. "Kí ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ ọ́ pé mo lọ ṣiṣẹ́."

Ó kọ ọ́ pé mo lọ ṣiṣẹ́ lórí omi. Kò fi ìlà kankan pa orúkọ mi rẹ́. Mo ń wò ó. Ó fa igi tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí owó táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí káàdì mi, ó kọ àmì orúkọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣílè méjìdínlógún jáde kúrò níbẹ̀. Ó gbé káàdì àbúrò mi, ó kọ ọ́ pé ṣílè méjìdínlógún wọlé, àti káàdì tó ti wá. Níbi ìṣẹ́kù, òdo. Àbúrò mi ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kà á láti èjìká.

Wọ́n pe ìyá mi wọlé kó wá tẹ̀ka. Ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀. "Kí lẹ kọ sí i?"

"Pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, màmá."

Ó rò ó wò. "Ìyẹn kò burú," ó ní, ó sì tẹ̀ka.

Mo fẹ́ sáré lọ ya ìwé èbúté. Ọ̀gá ní rárá, àwọn tó jẹ gbèsè lóòótọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Kí n tẹ tuntun, kí n lẹ̀ ẹ́ bò ó. Mo fọ ẹ̀kọ, mo fọ ọ́ títí ọwọ́ mi fi di àlùkò. Mo kọ orúkọ àwọn tó kù sórí bébà tuntun. Bébà ti wà lọ́wọ́ mi, ó ku kí n dà á dé e. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀kọ, mo rí orúkọ àbúrò mi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti ṣá, ó yí padà bí ohun inú dígí, ṣùgbọ́n ìrù tí mo fi sí i ṣì hàn. Ọ̀gá ti lọ sílé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá mi wí.

Mo fi pákó bo àwo náà, mo wọkọ̀ lọ sílé. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì dúró de nǹkan kan bí mo ṣe dúró de ẹ̀kọ yẹn.

Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ mọ́ bí omi àárọ̀. Mo tẹ̀wé, mo lẹ̀ ẹ́. Bàbá ọlọ́kọ̀ ọjà wà ní èbúté, ó ń to ọṣẹ àti iyọ̀ sínú ọkọ̀. Ó fi ojú lé ìwé náà. "Akọ̀wé, ti ìyá rẹ kò sí níbẹ̀ mọ́?"

"Kò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì tún bá a mú owó wá, bàbá, ẹ béèrè pé ti ọmọ wo."

"Èmi kẹ̀? Kí n wọ ilé onílé kí n máa ka ọmọ fún wọn?"

Láńṣì dé ní Ọjọ́rú, ó kó orúkọ, kò pẹ́ rárá. Ìyá mi fi iná ẹja sílẹ̀ wá wò ó. Ó dúró lórí afárá títí láńṣì fi yí kọ́nà igi ẹ̀gbà etí omi tí èéfín rẹ̀ nìkan kù. Bàbá ọlọ́kọ̀ ọjà ń kọjá lọ, ó pa á láṣà pé, "Ìyá ẹlẹ́ja, orúkọ ọmọ yín ti bá omi lọ o!"

"Ó ń bọ̀," ìyá mi dá a lóhùn, ó sì yí padà lọ yí ẹja rẹ̀.